Gígé Táìlì Yí Sọ́kẹ́ẹ̀tì àti Páìpù Ká, àti Yíyan Gíráòtù fún Ilé Ìdáná àti Balùwẹ̀

Bí ògiri balùwẹ̀ tí a lẹ táìlì mọ́ bá rin gbindin, tí ọ̀dà yàrá tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ń wú tí ó ń ṣí, táìlì ni ọ̀pọ̀ onílé máa ń dá lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀ sì ni ojú táìlì tí ó ń dán yẹn kì í jẹ́ kí omi kọjá. Àyè tí a fi sílẹ̀ yí páìpù ká àti ìlà tí ó wà láàárín táìlì kan sí èkejì ni omi ń gbà wọlé. Orí nǹkan méjì yìí ni ìwé yìí dúró lé: bí a ṣe ń gé ihò tí kò ní fẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, àti bí a ṣe ń yan gíráòtù, èyíinì ni èròjà tí a fi ń dí ìlà táìlì.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan táìlì, ẹ jẹ́ kí púlọ́ńbà fi ìdérí dí gbogbo ẹnu páìpù tí ó yọ lára ògiri, kí ó ṣí omi sí wọn, kí omi náà sì wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Oríkèé tí ó bá ń làágùn díẹ̀ lónìí ni yóò máa jò lẹ́yìn táìlì lọ́la, kò sì sí bí a ó ṣe tún un ṣe nígbà náà láìfọ́ táìlì. Ẹ tún wo bí ẹnu páìpù ṣe yọ tó. Táìlì tí ó nípọn tó mìlímítà 8, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù tí ó tó mìlímítà 4 lẹ́yìn rẹ̀, yóò sún ojú ògiri síwájú ní mìlímítà 12. Bí ẹnu páìpù bá dọ́gba pẹ̀lú ojú pílásítà, inú kòtò ni yóò bọ́ sí nígbà tí a bá parí, ẹ̀rọ omi kò ní wé wọ inú rẹ̀ dáadáa, púlọ́ńbà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣísẹ́ẹ̀lì fọ́ táìlì tuntun kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó o. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ní ti sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ́kọ́ pa iná láti ibi tí ó ti ń wọ ilé. Ẹ má gbàgbé ìnfátà: iná ìjọba lè ti lọ, kí jẹnẹrétọ̀ má sì ṣiṣẹ́, síbẹ̀ kí iná ìnfátà wà nínú wáyà tí ẹ fẹ́ fọwọ́ kàn. Ẹ fi tẹ́sítà yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́yìn tí ẹ bá ti dán tẹ́sítà náà wò níbi tí ẹ mọ̀ pé iná wà. Lẹ́yìn náà, ẹ tú ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ fi téèpù oníṣẹ́ iná wé ẹnu wáyà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tì wọ́n sínú àpótí wọn.

Ẹ jẹ́ kí a mú ilé ìdáná kan ní Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ, níbi tí a ti ń lo táìlì sẹ̀ńtímítà 30 sí 60. Àpótí sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́nu kan, tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní tíríì-báì-tíríì, fẹ̀ tó mìlímítà 76, ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì tí yóò bò ó sì fẹ̀ tó 86. Ìyẹn ni pé mìlímítà 5 péré ni a ní ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tí a lè fi bo àṣìṣe. A wọn láti etí táìlì tí a ti lẹ̀ lápá òsì dé etí àpótí, ó jẹ́ 110. A wọn láti orí táìlì ìsàlẹ̀ dé ìdí àpótí, ó jẹ́ 140. Ọ̀pọ̀ yóò gbé iye yìí sórí táìlì bẹ́ẹ̀, wọn yóò sì gbàgbé ìlà mìlímítà 2 tí yóò wà láàárín. A ó yọ 2 kúrò, yóò ku 108 àti 138. A ó tún yọ 1 kí ihò má baà há mọ́ àpótí, yóò ku 107 àti 137. Ihò náà yóò fẹ̀ tó 78, nítorí náà yóò parí sí 185 lápá ọ̀tún àti sí 215 lókè. Mìlímítà 4 ni ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì yóò fi gun orí táìlì yí ká.

Ẹ lẹ téèpù bébà mọ́ ojú táìlì kí ẹ tó fa ìlà, nítorí pé pẹ́ńsù kì í mú lójú dídán. Ẹ lu ihò mìlímítà 6 sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nínú ìlà, kí ó má ṣe kọjá rẹ̀. Iṣẹ́ méjì ni ihò igun yìí ń ṣe. Táìlì máa ń sán láti igun tí ó mú ṣóńṣó, ṣùgbọ́n igun tí ó rí roboto kì í sán bọ̀rọ̀. Ẹ̀wẹ̀, nígbà tí ẹ bá dojú táìlì délẹ̀, ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà ni yóò fi ibi tí ẹ ó gé hàn yín. Ẹni tí ó bá tún ìwọ̀n náà wọ̀n láti ẹ̀yìn sábà máa ń gé ihò tòsì sí ọ̀tún. Láti ẹ̀yìn yìí ni kí ẹ ti fi gíráńdà tí abẹ rẹ̀ jẹ́ dáyámọ́ǹdì gé e láti ihò kan dé èkejì. Abẹ náà rí roboto, ojú tí ó bá kọ́kọ́ kàn ni ó sì ń gé gùn jù, nítorí náà ẹ̀yìn táìlì ni àṣejù gígé yóò wà, ojú rẹ̀ yóò sì mọ́. Ìta gbangba ni kí ẹ ti gé e, pẹ̀lú awò ààbò àti ìbomú, nítorí pé eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ dá sọ́kẹ́ẹ̀tì padà, síkúrúù tí a fi dè é mọ́ àpótí tẹ́lẹ̀ yóò ti kúrú, nítorí pé àpótí ti wọ inú. Ẹ ra èyí tí ó gùn jù ú lọ.

Ìta páìpù ààbọ̀ íǹṣì fẹ̀ tó mìlímítà 21. Ẹnu dírílù onídáyámọ́ǹdì tí ó rí bí ife, tí ó fẹ̀ tó 28, ni ó yẹ ẹ́. Ẹ má jẹ́ kí dírílù náà máa lù bí hámà. Ẹ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ títí yóò fi ha ojú táìlì bí oṣù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, lẹ́yìn náà ẹ gbé e dúró ṣánṣán, kí ẹ máa ta omi sí i, kí ẹ má sì ṣe tẹ̀ ẹ́ jù. Àwọn tí ń fi gíráńdà gé ihò onígun mẹ́rin fún páìpù roboto ni igun ihò wọn máa ń yọ lábẹ́ ìdérí ẹ̀rọ omi, ibẹ̀ gan-an sì ni omi ń rí wọlé. Bí páìpù bá bọ́ sí etí táìlì, ẹ lu ihò náà, kí ẹ wá fi gíráńdà fa ìlà méjì láti ibẹ̀ jáde sí etí.

Ní ti gíráòtù, sìmẹ́ǹtì funfun ni ọ̀pọ̀ ń lò nítorí pé kò wọ́n. Òun náà ni oníṣẹ́ tí mo gbé balùwẹ̀ mi fún lò. Kò pé ọdún kan tí ìlà tó wà nísàlẹ̀, níbi tí omi ti ń ta sí ògiri, fi dúdú, nígbà tí mo sì fi èékánná ha á, ó ń bọ́ bí ìyẹ̀fun. Gíráòtù inú àpò ni kí ẹ rà. Bí ìlà kò bá ju mìlímítà 3 lọ, èyí tí kò ní yanrìn ni kí ẹ mú. Èyí tí ó ní yanrìn wà fún ìlà tí ó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ààrò, níbi tí epo pupa ti ń ta, gíráòtù oní-sìmẹ́ǹtì yóò mu epo náà, kò sì ní mọ́ mọ́. Ẹpọ́kísì, tí a ń po apá méjì rẹ̀ pọ̀, kì í mu epo, ṣùgbọ́n ó wọ́n, ó sì ń yára le, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa pò ó, kí ẹ sì nu ojú táìlì kí ó tó gan. Bí owó kò bá tó, ibi ààrò nìkan ni kí ẹ lò ó sí.

Ẹ jẹ́ kí táìlì sùn di ọjọ́ kejì kí ẹ tó dí ìlà. Ẹ po gíráòtù títí yóò fi lè dúró lórí tíráwẹ̀lì láìṣàn. Omi àpọ̀jù ni ó ń jẹ́ kí ó sán, kí àwọ̀ rẹ̀ sì ṣe àbàwọ́n. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú tí àpò bá sọ, ẹ tún un rò, ẹ má sì tún bu omi sí i. Ẹ fi ìtẹ́ onírọ́bà tẹ̀ ẹ́ wọlé ní ìdábùú sí ìlà. Nígbà tí kò bá lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, ẹ fi fóòmù tí ẹ ti fún gbẹ nù ún, nítorí pé èyí tí omi ń ro lára rẹ̀ yóò fa gíráòtù jáde.

Ẹ má fi gíráòtù dí igun tí ògiri méjì ti pàdé, tàbí ibi tí ògiri ti kan ilẹ̀ tàbí síǹkì, nítorí pé apá méjèèjì ń sún díẹ̀díẹ̀, yóò sì sán. Sílíkóònù ti balùwẹ̀ ni ẹ ó fà síbẹ̀. Òun náà ni ẹ ó fi dí etí ìdérí ẹ̀rọ omi, ní òkè àti ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ fi àyè kékeré sílẹ̀ nísàlẹ̀, kí omi lè gba ibẹ̀ yọ sí ojú ògiri níbi tí ẹ ó ti rí i, bí oríkèé inú bá jò.