Bí mo ṣe yan rèsísítọ̀ fún dáyódù Sẹ́nà inú aago táǹkì omi

Aago táǹkì omi ni mo ṣe fún Màmá tí ilé wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Bí omi bá ti kún táǹkì òkè, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, kí wọ́n lè tètè pa ẹ̀rọ tó ń fa omi. Áísí CD4011 kan, transísítọ̀ kan, bọ́sà kan àti iná pupa kékeré kan ló wà nínú rẹ̀, fólìtì 5 sì ni gbogbo wọn ń fẹ́. Bátìrì sólà Màmá ni mo fẹ́ kó máa jẹun lára rẹ̀, torí pé ìgbàkígbà ni omi lè kún, yálà iná ìjọba wà tàbí kò sí. Iṣẹ́ tó kù ni kí n sọ fólìtì bátìrì di 5, kí ó sì dúró síbẹ̀. Dáyódù Sẹ́nà kan àti rèsísítọ̀ kan tó fún iṣẹ́ náà, àwọn méjèèjì pọ̀ ni mo ń pè ní rẹ́gúlétọ̀, ṣùgbọ́n rèsísítọ̀ yẹn gan-an ni gbogbo ìṣirò wà.

Wọ́n kọ fólìtì 12 sára bátìrì náà, àmọ́ kì í dúró síbẹ̀. Lọ́sàn-án, nígbà tí oòrùn bá mú tí sólà ń rọ iná sínú rẹ̀, mítà mi ka 14.4. Ní òru tí wọ́n bá ti lò ó pẹ́, á máa lọ sílẹ̀ títí kọntirólà á fi já iná, orí 10.8 ni wọ́n sì tò ó sí. Nítorí náà, bátìrì tí mo ṣírò fún ni èyí tó ń rìn láàárín 10.8 àti 14.4. Ẹni tó bá fi 12 ṣírò ti ṣírò fún bátìrì tí kò sí nílé ẹnikẹ́ni.

Mo wọn aago náà fúnra rẹ̀. Nígbà tó dákẹ́, kọ́rẹ́ńtì tó ń mu kò tó mílíáńpù 2. Nígbà tí bọ́sà ń ké tí iná pupa sì tàn, ó di mílíáńpù 25. Ṣùgbọ́n mo tún ro ohun kan mọ́ ọn: pọ́lọ́ọ̀gì ni mo fi so aago mọ́ rẹ́gúlétọ̀, ẹnikẹ́ni sì lè yọ ọ́. Bí wọ́n bá yọ ọ́, lóòdù, ìyẹn ohun tó ń gba iná lẹ́nu rẹ́gúlétọ̀, di òdo. Òdo yẹn ni mo kà sí èyí tó kéré jù, kì í ṣe 2.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. A máa ń kọ ojú Sẹ́nà sẹ́yìn: ẹ̀gbẹ́ tó ní ìlà dúdú ni a so mọ́ pọ́sítíìfù. Kò ní jẹ́ kí iná kọjá títí fólìtì á fi dé iye tí wọ́n ṣe é fún. Tó bá ti dé ibẹ̀, á là, á máa gba kọ́rẹ́ńtì kọjá, fólìtì orí rẹ̀ kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ lọ sókè mọ́. Rèsísítọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ ló ń gbé ìyàtọ̀ tó wà láàárín bátìrì àti Sẹ́nà. Gbogbo kọ́rẹ́ńtì tó bá gba inú rèsísítọ̀ ni lóòdù àti Sẹ́nà ń pín: bí lóòdù bá gbà púpọ̀, díẹ̀ ló kù fún Sẹ́nà, bí lóòdù kò bá gba nǹkan kan, Sẹ́nà ló máa gbé gbogbo rẹ̀ mì.

Inú ọ̀rọ̀ yẹn ni ọjọ́ burúkú méjèèjì ti jáde, wọn kò sì jọra. Èkíní ni ìgbà tí bátìrì ti lọ sílẹ̀ pátápátá tí aago sì ń ké. Bí rèsísítọ̀ bá tóbi jù nígbà náà, kọ́rẹ́ńtì kò ní tó fún lóòdù àti Sẹ́nà, Sẹ́nà á pa, fólìtì á sì já. Èkejì ni ìgbà tí oòrùn mú tí wọ́n sì ti yọ pọ́lọ́ọ̀gì. Nígbà yẹn, ooru ló ń halẹ̀ mọ́ Sẹ́nà àti rèsísítọ̀. Èkíní ló ń sọ iye óòmù tí a kò gbọdọ̀ kọjá. Èkejì ló ń sọ iye wáàtì tí a gbọ́dọ̀ rà. Nínú ìṣirò ìsàlẹ̀ yìí, R ni óòmù rèsísítọ̀, Vs ni fólìtì bátìrì, Vz ni fólìtì Sẹ́nà, IL ni kọ́rẹ́ńtì lóòdù, Iz ni kọ́rẹ́ńtì Sẹ́nà, Pz sì ni ooru Sẹ́nà; min ni èyí tó kéré jù, max ni èyí tó pọ̀ jù.

```
R = (Vs_min - Vz) / (IL_max + Iz_min)
Pz = Vz * ((Vs_max - Vz) / R - IL_min)
```

Sẹ́nà tí mo mú ni 1N4733A, fólìtì 5.1, wáàtì 1. Mo fẹ́ràn àdúgbò fólìtì 5 yìí fún ìdí kan. Nínú àwọn tó kéré jù bẹ́ẹ̀, fólìtì ń lọ sílẹ̀ bí ooru bá pọ̀. Nínú àwọn tó ga jù bẹ́ẹ̀, ńṣe ló ń lọ sókè. Ní àyíká 5, àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara wọn rẹ́, torí náà kò sí ìdààmú púpọ̀ bí àpótí náà bá gbóná. Lẹ́tà A tó wà ní ìparí orúkọ rẹ̀ ń sọ pé ó lè fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún yẹ̀: ẹyọ kan lè jẹ́ 4.85, òmíràn lè jẹ́ 5.36.

Ó ku iye tí Sẹ́nà gbọ́dọ̀ máa rí kó má baà pa. Mílíáńpù 5 ni mo mú. Orí mílíáńpù 49 ni àwọn tó ṣe é ti wọn 5.1 yẹn, nítorí náà, tó bá ń rí 5 péré, kò ní pé 5.1, èyí tó wà lọ́wọ́ mi wà ní nǹkan bíi 4.8. CD4011 ń ṣiṣẹ́ láti fólìtì 3 dé 15, bọ́sà náà kò sì ṣàròyé, nítorí náà mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ó yá, ìṣirò. Fún ọjọ́ burúkú èkíní, mo fi Sẹ́nà tó ga jù ṣe é, torí òun ló ń fi ohun tó kéré jù sílẹ̀ fún rèsísítọ̀. Mo yọ 5.36 kúrò nínú 10.8, ó ku 5.44. Mílíáńpù 25 ti lóòdù àti 5 ti Sẹ́nà jẹ́ 30, ìyẹn áńpù 0.030. 5.44 tí a pín sí ọ̀nà 0.030 jẹ́ óòmù 181. Èyí tó sún mọ́ ọn jù lọ́jà ni 180, ọ̀pọ̀ ènìyàn á sì mú un láìwo ẹ̀yìn. Àmọ́ ìlà aláwọ̀ wúrà ara rèsísítọ̀ ń sọ pé òun náà lè fi ìdá márùn-ún yẹ̀. 180 lè jẹ́ 189, tó bá sì rí bẹ́ẹ̀, mílíáńpù 28.8 ló máa kọjá, 3.8 péré ló sì máa ṣẹ́ kù fún Sẹ́nà. Mo sọ̀kalẹ̀ sí 150. Kódà tó bá jẹ́ 157.5, mílíáńpù 34.5 ló ń kọjá, Sẹ́nà á sì rí 9.5. Ohun tí mo fi san án ni bátìrì: nígbà tí bátìrì wà ní 12.6, mílíáńpù 50 ló ń lọ tọ̀sán-tòru, ìyẹn áńpù-wákàtí 1.2 lójúmọ́, dípò 1.0 tí 180 ìbá jẹ. Lára bátìrì ńlá Màmá, mo ka ìyẹn sí owó kékeré.

Fún ọjọ́ burúkú èkejì, mo yí gbogbo rẹ̀ padà: bátìrì 14.4, lóòdù òdo, rèsísítọ̀ tó kéré jù nínú 150, ìyẹn 142.5. Nígbà tí Sẹ́nà bá jẹ́ 5.36, mílíáńpù 63.4 ló ń gba inú rẹ̀, ooru rẹ̀ sì jẹ́ wáàtì 0.34. Sẹ́nà oníwáàtì ààbọ̀ lè gbé e lórí tábìlì, ṣùgbọ́n nínú àpótí tí oòrùn ń nà, mi ò ní fọkàn tán an. Oníwáàtì 1 ni mo lò, ó sì ní àyè tó pọ̀. Rèsísítọ̀ ní tirẹ̀ ń rí ooru tó pọ̀ jù nígbà tí Sẹ́nà bá jẹ́ 4.85: fólìtì 9.55 ló wà lórí rẹ̀, ó sì jẹ́ wáàtì 0.64. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà, oníwáàtì ìdá mẹ́rin, á jóná di dúdú. Mo tún bi ara mi pé bí wáyà méjì bá kan ara wọn ní ẹnu rẹ́gúlétọ̀ ńkọ́? Gbogbo 14.4 á wà lórí rèsísítọ̀ nìyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wáàtì 1.5. Nítorí náà, oníwáàtì 2 ni mo rà, mo sì gbé e sókè díẹ̀ kúrò lórí bọ́ọ̀dù kí ooru rẹ̀ má baà jó o.

Kí n tó fi sódà mọ́ ọn, mo yẹ Sẹ́nà wò, torí àmì orí dáyódù tí wọ́n ń tà lọ́jà kì í fìgbà gbogbo jẹ́ òótọ́. Mo fi rèsísítọ̀ óòmù 1000 so ó mọ́ fólìtì 12, mítà sì ka 4.8. Ká ní 0.7 ló kà ni, a jẹ́ pé mo kọ ojú rẹ̀ síbi tí kò yẹ.

Mo wá gbé gbogbo rẹ̀ sórí ẹ̀rọ tó ń fúnni ní fólìtì tí a bá fẹ́. Mo fi rèsísítọ̀ óòmù 100 méjì tí mo so tẹ̀lé ara wọn dípò aago. Ní 10.8, ẹnu rẹ́gúlétọ̀ wà ní 4.97, fólìtì 5.83 sì wà lórí rèsísítọ̀ 150. Ìyẹn jẹ́ mílíáńpù 38.9, lóòdù gba bíi 25, Sẹ́nà ṣì ń rí 14. Ní 14.4, láìsí lóòdù, ó ka 5.12, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan. Rèsísítọ̀ gbóná ṣùgbọ́n ó ṣeé dì mú, Sẹ́nà sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán.

Lẹ́yìn náà, mo dá lóòdù padà, mo sì ń rẹ fólìtì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti 10.8. Títí dé bíi 9, ẹnu rẹ́gúlétọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ mì. Lẹ́yìn ibẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé bátìrì lọ sílẹ̀, ní 8, ó ti di 4.5. Bí a ṣe ń mọ̀ pé Sẹ́nà ti pa nìyẹn: fólìtì ń bá bátìrì rìn, Sẹ́nà sì tutù. Bí ẹnu rẹ́gúlétọ̀ bá wá di òdo tí rèsísítọ̀ ń jó bí iná, Sẹ́nà ti so pọ̀ nínú tàbí wáyà kan ara wọn. Bí ó bá sì sún mọ́ fólìtì bátìrì nígbà tí aago dákẹ́, Sẹ́nà ti já. CD4011 lè fara da ìyẹn, bọ́sà fólìtì 5 kò lè fara dà á.

Nígbà tí Màmá rí i tó ń ké, wọ́n ní ṣé kò lè máa pa ẹ̀rọ omi fúnra rẹ̀. Rẹ́lè fólìtì 5 tó wọ́pọ̀ ní kọ́ìlì óòmù 70, ó ń mu bíi mílíáńpù 71. Bí mo bá so ó sí ẹnu rẹ́gúlétọ̀ yìí, lóòdù á di 96, rèsísítọ̀ á ní láti sọ̀kalẹ̀ sí óòmù 47, ooru Sẹ́nà á sì kọjá wáàtì 1 lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú tí lóòdù kò sí. Bátìrì á sì máa fi áńpù-wákàtí bíi 3.8 ṣòfò lójúmọ́. Ibi tí agbára irú rẹ́gúlétọ̀ yìí pin sí nìyẹn. Rẹ́lè fólìtì 12 ni mo rà, mo so ó tààrà mọ́ bátìrì, transísítọ̀ kan ló ń tan án, mo sì fi dáyódù 1N4007 kọ ẹ̀yìn sí kọ́ìlì rẹ̀. Ohun tí transísítọ̀ yẹn ń gbà lẹ́nu rẹ́gúlétọ̀ kò tó mílíáńpù 2, nítorí náà mi ò fọwọ́ kan 150.