Ìwé ní 412, ilẹ̀ ní 371: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí kíka ọjà inú sítọ́ọ̀

Ìbéèrè: Ìbàdàn la ti ń ta ọjà pírófíṣọ̀n fún àwọn alágbàtà. Ní àárọ̀ Sátidé a ka mílíìkì ìyẹ̀fun, a bá páálí 371, ṣùgbọ́n 412 ló wà nínú kọ̀ǹpútà. Akọ̀wé owó wa ní kí n yí ti kọ̀ǹpútà sí 371, kí n sì gba owó páálí 41 lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀? Mo fi ìwé kíkà, wébíìlì àti ínfọ́ìsì ọ̀sẹ̀ méjì ránṣẹ́.

Ìdáhùn: Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì yí iye kankan padà, ẹ má sì tíì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ti ka àwọn ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́, páálí méjì péré nínú 41 yẹn ni n kò rí ohun tó gbé e lọ.

Kí a tó ṣí ìwé rárá, a ní láti mọ̀ bóyá kíka náà tọ̀nà. Òkìtì páálí lè ṣófo láàárín, nítorí pé àwọn ọmọ iṣẹ́ ti fa ọjà yọ láti ẹ̀yìn, ẹni tó bá sì ka iwájú àti ẹ̀gbẹ́ nìkan tó wá sọ ọ́ di ìlọ́po yóò ka ohun tí kò sí níbẹ̀. Nínú ìwé kíkà yín, ènìyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló kà á, 371 ni àwọn méjèèjì sì bá. Nítorí náà, mo gba 371 gẹ́gẹ́ bí iye páálí tó wà lórí ilẹ̀ lóòótọ́. Ìbéèrè tó kù ni bóyá iye inú ìwé àti iye orí ilẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa àkókò kan náà àti ọjà kan náà.

Wọn kò sọ̀rọ̀ nípa àkókò kan náà. Ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè, wébíìlì kan fi hàn pé oníbàárà kan gbé páálí 15 jáde lẹ́yìn tí akọ̀wé ti pa kọ̀ǹpútà; Mọ́ńdè ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ínfọ́ìsì rẹ̀ wọlé. Ọjà náà ti lọ nígbà tí ẹ ń kà, ìwé kò sì tíì gbọ́. Ẹ yọ 15 kúrò nínú 412, ó ku 397.

Èyí tó tẹ̀ lé e wà lára ọjà tó wọlé. Ínfọ́ìsì ẹni tó ń kó mílíìkì fún yín sọ pé páálí 60 ni, orí rẹ̀ sì ni akọ̀wé yín gbé lé tó fi kọ 60 wọlé. Àmọ́ wébíìlì tí olùtọ́jú sítọ́ọ̀ fọwọ́ sí sọ pé 48 ló sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀, àwọn 12 yòókù ń bọ̀. Ohun tí ẹ gbà lọ́wọ́ ló yẹ kó wọ ìwé ọjà, kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ fún yín láti san. Ẹ yọ 12, ó ku 385, kí ẹ sì kọ 12 náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tí ẹ ń retí lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ má baà san owó rẹ̀ kó tó dé.

Páálí 10 ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù yín kejì láìní ju ìwé pélébé kan tí awakọ̀ mú dání. Iye yẹn gbọ́dọ̀ kúrò nínú ìwé sítọ́ọ̀ ńlá kó sì wọ ti ṣọ́ọ̀bù. Ó di 375.

Ohun kan wà lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tiyín. Oníbàárà kan ti san owó páálí 6, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú ìwé, ṣùgbọ́n kò tíì wá gbé e, àwọn tó ń kà sì kà á mọ́ tiyín. Nítorí náà, 371 orí ilẹ̀ gan-an di 365. Mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí pé èyí ń mú kí àìpé náà pọ̀ sí i dípò kó dín kù. Ẹni tó bá ń wá àwíjàre nìkan yóò fò ó kọjá, ẹni tó ń wá òtítọ́ kò gbọ́dọ̀ fò ó.

Ó wá ku 375 nínú ìwé àti 365 lórí ilẹ̀. Nígbà tí mo yẹ ojú ìwé tó tẹ̀ lé e wò, mílíìkì oníṣokoléètì, tí orúkọ rẹ̀ jọ ti èyí nínú kọ̀ǹpútà, fi páálí 8 pọ̀ ju bí ìwé ṣe wí lọ. Ínfọ́ìsì kan ní ọjọ́ Tọ́sìdeè ta páálí 8 oníṣokoléètì, ṣùgbọ́n wébíìlì rẹ̀ sọ pé mílíìkì lásán ni wọ́n gbé jáde. Ẹ gbé 8 náà padà sí ibi tó yẹ, ìwé mílíìkì lásán yóò di 367, àpọ̀jù ti oníṣokoléètì yóò sì pòórá.

Àìpé tòótọ́ nìyí: 367 nínú ìwé, 365 lórí ilẹ̀. Páálí méjì yìí nìkan ni kí ẹ yọ kúrò gẹ́gẹ́ bí ọjà tó sọnù, kí ẹni tí kì í ṣe olùtọ́jú sítọ́ọ̀, tí kì í sì í ṣe akọ̀wé, fọwọ́ sí i, kí ìdí rẹ̀ sì wà lákọsílẹ̀. Àwọn yòókù ní àtúnṣe tiwọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ḿbà ìwé tó tì í lẹ́yìn.

Bí ẹ bá ti yí ìwé sí 371 ní Sátidé, ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ní Mọ́ńdè, ínfọ́ìsì 15 yóò wọlé, ìwé yóò di 356. Oníbàárà yóò gbé 6 rẹ̀, ilẹ̀ yóò di 365. Páálí 12 tó ń bọ̀ yóò dé, kò sì sí ẹni tí yóò tún un kọ nítorí pé 60 ti wà nínú ìwé tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ yóò di 377. Ẹ ó ní páálí 21 tí ìwé kò mọ̀ nípa rẹ̀, ẹnikẹ́ni sì lè gbé wọn lọ tí ìwé àti ilẹ̀ yóò ṣì bára mu. Ìdí rèé tí mo fi ń bẹ̀rù ọjà tó lé ju ọjà tó dín lọ.

Ìbéèrè: Ọjọ́ mẹ́ta la máa ń ti ilẹ̀kùn ní ìparí oṣù December láti ka ohun gbogbo, ọjà 600 oríṣi. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á díẹ̀díẹ̀ láàárín ọdún, ṣé a lè pa ti ọlọ́dọọdún tì?

Ìdáhùn: Ẹ lè pa á tì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní ọdún àkọ́kọ́.

Ẹ to àwọn ọjà yín gẹ́gẹ́ bí owó tó ń gba ara wọn kọjá lọ́dún, kì í ṣe bí ẹyọ kan ṣe wọ́n tó. Ká ní 60 ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú owó yín: ẹ ka ìwọ̀nyí lóṣooṣù. Àwọn 150 tó tẹ̀ lé wọn, ẹ kà wọ́n lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Àwọn 390 tó kù, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún tó. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kíkà 2,100 lọ́dún. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ 300, ọjà méje ni lójúmọ́, èyí tí ènìyàn méjì lè kà kí ilẹ̀kùn tó ṣí láàárọ̀, nígbà tí ọjà kankan kò tíì máa wọlé tàbí jáde.

Èrè rẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ gbà padà nìkan. Páálí 41 tí a tọpinpin lókè yìí ṣeé tọpinpin nítorí pé ọ̀sẹ̀ méjì péré la ní láti yẹ̀ wò, àwọn tó gbé ọjà sì ṣì rántí. Bí ẹ bá bá irú àìpé bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù December, tí ìgbà ìkẹyìn tí ẹ kà á sì jẹ́ January, ínfọ́ìsì ọdún kan gbáko ni ẹ ó máa tú, ẹ ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú láti jọ̀wọ́ rẹ̀.

Kíka díẹ̀díẹ̀ ní àbùkù kan tí àwọn ènìyàn kì í sábà rí. Inú ìwé ni ẹ ti ń mú orúkọ ọjà tí ẹ ó kà; ọjà tí kò bá sí nínú ìwé rárá kò ní kàn lára àwọn méje òòjọ́ láéláé. Kíka gbogbo sítọ́ọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀, ó sì máa ń bá irú ọjà bẹ́ẹ̀ pàdé. Nítorí náà, lójoojúmọ́, kí àwọn tó ń kà tún mú ọjà méjì láti orí pẹpẹ tàbí igun yàrá, kí wọ́n wá a lọ sínú ìwé.

Ní ti òfin, òfin ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà ti ọdún 2020 fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ tó ń ta ọjà ní àkọsílẹ̀ ọjà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní òpin ọdún, pẹ̀lú àwọn ìwé kíkà tí wọ́n fi ṣe é. Ọ́dítọ̀ pẹ̀lú ní ìlànà àgbáyé, ISA 501, tó ní kó wà níbi kíka ọjà bí ọjà bá jẹ́ ohun ńlá nínú ìṣirò. Ìlànà náà gbà pé kíkà lè wáyé ní ọjọ́ mìíràn yàtọ̀ sí òpin ọdún, bí ọ́dítọ̀ bá lè yẹ ohun tó wọlé tó sì jáde láàárín wò. Ẹ ka gbogbo rẹ̀ ní December yìí kó lè jẹ́ ìpìlẹ̀, ẹ ṣe ti díẹ̀díẹ̀ fún ọdún kan, kí gbogbo ọjà 600 ti ní ìwé kíkà, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e fún ọ́dítọ̀ yín kí ẹ tó pinnu.

Ìbéèrè: Ní ọdún tó kọjá, gbogbo ìyàtọ̀ tí a rí kò ju ₦18,000 lọ. Ṣé èyí kò fi hàn pé ìwé wa dára?

Ìdáhùn: Kò fi hàn. Ọjà kan lè dín ní ₦420,000, òmíràn kó lé ní ₦395,000, ẹ̀kẹta kó lé ní ₦7,000. Àròpọ̀ wọn yóò jẹ́ àìpé ₦18,000 péré, ṣùgbọ́n àṣìṣe ₦822,000 ló wà nínú ìwé. Ẹ ṣe ìṣirò méjèèjì. Bí ìyàtọ̀ ọjà kọ̀ọ̀kan ní náírà bá wà ní òpó E:

```
=SUM(E2:E601)
=SUMPRODUCT(ABS(E2:E601))
```

Ìlà àkọ́kọ́ ń sọ ohun tí ẹ pàdánù, ìkejì ń sọ bí ìwé yín ṣe ṣeé gbára lé tó. Bí èkejì bá fi púpọ̀púpọ̀ ju èkíní lọ, ẹ wá ọjà tí orúkọ wọn jọra, àti èyí tí wọ́n rà ní páálí tí wọ́n sì ń tà ní ẹyọ.

Ìbéèrè: Ta ló yẹ kó kà, ṣé kí a sì fi iye inú ìwé hàn án?

Ìdáhùn: Olùtọ́jú sítọ́ọ̀ lè fi ibi tí ọjà wà hàn wọ́n, ṣùgbọ́n kí ó má jẹ́ òun ni yóò kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Kí ìwé kíkà ní orúkọ ọjà, ibi tó wà àti ìwọ̀n tí a fi ń kà á, bóyá páálí ni tàbí ẹyọ, láìsí iye inú kọ̀ǹpútà. Mo ti rí i ní sítọ́ọ̀ kan tí wọ́n ti ń fi iye náà hàn: ọdún méjì gbáko ni ohun gbogbo fi bára mu lórí ìwé, títí tí a fi bo iye náà, tí ọjà mọ́kànlá nínú ogún kò sì bára mu ní ọjọ́ àkọ́kọ́.