Àṣìṣe àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tí ń yá pọ́ùn ránṣẹ́ sílé

Èkíní, ẹ má ṣe fi káàdì gbèsè fi owó ránṣẹ́ sílé, nítorí pé ọ̀pọ̀ báńkì ní Ìlú Ọba ń kà á sí owó tí ẹ fà jáde, èlé rẹ̀ a sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Èkejì, ẹ má ṣe yáwó ra aṣọ Ojúde Ọba. Mo mọ̀ pé àwọn ẹgbẹ́ mi ní Ìjẹ̀bú-Òde yóò bú mi, ṣùgbọ́n èmi náà ni wọ́n ń mú ìwé gbèsè wá bá lẹ́yìn ọdún.

Ẹ̀kẹta ni ó ń bí mi nínú jù: kí ènìyàn jẹ gbèsè pọ́ùn, kí ó sì gbójú lé náírà tí ará ilé yóò máa dá padà. Ọkùnrin kan tí ń tọ́jú àwọn arúgbó níbí yá 5,000 pọ́ùn fún ọdún mẹ́ta ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n ń ṣẹ́ pọ́ùn kan ní nǹkan bí 900 náírà lọ́jà. Ó fi mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ náírà ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ láti ṣí ìsọ̀ táyà ní Ṣàgámù. Báńkì ń gba 170 pọ́ùn lóṣooṣù, àbúrò sì ṣèlérí 153,000 náírà, èyí tí ó bá a mu rẹ́gí lọ́jọ́ tí wọ́n ṣàdéhùn. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, ìjọba tú náírà sílẹ̀ fún ọjà láti dá iye lé e, nígbà tí yóò sì fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, pọ́ùn ti kọjá 1,800. Àbúrò kò pa oṣù kan jẹ, ṣùgbọ́n 153,000 rẹ̀ kò tó 85 pọ́ùn mọ́. Ẹ̀gbọ́n ní wọ́n ń rẹ́ òun jẹ, àbúrò ní òun kò jẹ gbèsè oṣù kankan, òótọ́ sì ni ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì.

Ohun tí ó yẹ kí wọ́n kọ sínú àdéhùn ni pé wọn yóò tún iye náírà náà wò lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ìsọ̀ táyà lè gbé e, nítorí pé láti òkè òkun ni ọ̀pọ̀ táyà ti ń wá, owó rẹ̀ a sì máa gòkè bí náírà bá ṣe ń rẹlẹ̀. Owó ilé ọdọọdún láti ọwọ́ ayálégbé ní Ìjẹ̀bú-Òde kò lè tètè gòkè bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé ní báńkì, ẹ ṣe é bíi pé ìdajì owó tí ilé ṣèlérí ni yóò wọlé, kí ẹ sì wò ó bóyá owó oṣù yín lè ru ìyókù láìfi oúnjẹ du ara yín.

Àwọn tí ń kọ́lé ńkọ́? Ẹ má ṣe ṣẹ́ gbogbo owó náà sí náírà lẹ́ẹ̀kan náà kí ó máa jókòó sí báńkì ní Ìjẹ̀bú-Igbó de ọjọ́ òrùlé. Ẹ máa fi ránṣẹ́ bí iṣẹ́ bá ṣe kàn.

Bí owó ńlá bá sì ti ilé wá lójijì, ẹ fi san lára gbèsè náà kíákíá. Òfin Ìlú Ọba gbà yín láàyè láti san irú ẹ̀yáwó báyìí ṣáájú àkókò, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bèèrè iye tí báńkì yóò yọ fún un.