“Mo fẹ́ rí ẹ” kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀: àwọn àṣìṣe inú àtẹ̀jíṣẹ́ sí àgbà

Fóònù ni mò ń tún ṣe ní Àjàṣẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin, mo sì ń ta owó ìpè. Iṣẹ́ tí mi ò gbowó rẹ̀ ni kí àwọn ọmọ máa na fóònù sí mi pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó, kí ni mo kọ tí Ìyá fi dákẹ́?” Wọ́n á ti fi ránṣẹ́ tán kí wọ́n tó béèrè o. Wọ́n á wá ra owó ìpè láti fi bẹ̀bẹ̀. Èmi ni mò ń jèrè, ṣùgbọ́n ó ti sú mi.

Èkíní, “slt” àti “bjr”, ìkíni Faransé tí ẹ gé kúrú. Àgbà kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ yín ní kíláàsì. Ó parí.

Èkejì, ẹ má fi orúkọ pe àgbà ní gbọnrangandan. Ìyá ni, tàbí Ìyá lágbájá, kí ẹ fi orúkọ ọmọ wọn sí i.

Ẹ̀kẹta ló ń bí mi nínú jù. Ẹ ti kọ́ pé “ẹ” ni a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, ẹ wá ń fi í síbi gbogbo. “Ẹ ti jẹun?” dára, nítorí pé “ẹ” ló ṣáájú, àgbà ló ń ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá di ẹni tí a ń ṣe nǹkan fún tàbí sí, “ẹ” ti di “ìwọ” nìyẹn. “Mo fẹ́ rí ẹ” àti “mo fẹ́ rí ọ”, ọ̀kan náà ni: ọ̀rọ̀ sí ọmọdé. “Yín” ni ó yẹ kó wà níbẹ̀: mo fẹ́ rí yín, mo rán an sí yín, ṣé ara yín ti yá? Ẹni tó bá kọ “ṣé ara ẹ ti yá?” sí bàbá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, ó ti sọ bàbá di àbúrò. Mo mọ ibi tó ti wá. Ní Faransé, “vous” kan náà ló ń ṣe iṣẹ́ “ẹ” níwájú, òun náà ló ń ṣe iṣẹ́ “yín” lẹ́yìn, ọmọ ilé ìwé sì rò pé báyìí náà ni Yorùbá rí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀! Ẹ ka àtẹ̀jíṣẹ́ yín lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó fi í ránṣẹ́. Gbogbo “ẹ” tó bá wà lẹ́yìn “rí”, “fún”, “sí”, “kí” ti ìkíni, “ilé” tàbí “ara”, ẹ pa á rẹ́, ẹ kọ “yín”.

Àwọn kan gbọ́ èyí, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n wá ń kọ̀wé bí akọ̀wé kóòtù. Èmi náà wà lára wọn. Mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Kétu nígbà kan pé: “Ìyá mi ọ̀wọ́n, mo fi ìrẹ̀lẹ̀ ọkàn kọ èyí láti fi tó yín létí pé…” Ọmọ aládùúgbò ló ń kà á fún wọn. Kò tíì kà á tán tí ìpè ti wọlé: “Ta ló kú?” Wọ́n ní “fi tó yín létí” ni a ń gbọ́ nígbà tí wọ́n bá ń kéde òkú. Iṣu ni mo fẹ́ béèrè o.

Ìyẹn rán mi létí: bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ àgbà, ẹ má kọ nǹkan kan. Ẹ pè wọ́n.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ kan mú èyí wá, sí ìyá àgbà rẹ̀ ní Kétu náà: “Slt Iya. Mo fe ri e lojo oja. E bi onisu iye isu.” A jókòó tì í. Mo bi í pé kí ni Ìyá ń ṣe lọ́wọ́. Ó ní wọ́n wà lọ́jà. Ìkíni ti dé nìyẹn: ẹ kú ọjà o. Kí ló ń dùn wọ́n? Orúnkún. Àgbà tí ẹ bi léèrè orúnkún rẹ̀ mọ̀ pé ọmọ òun ló ń bá òun sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni “bá mi”. “Ẹ bi oníṣu” ní “ẹ” nínú, síbẹ̀ àṣẹ ni. “Ẹ bá mi bi oníṣu” ti di ìrànlọ́wọ́. “Ẹ jọ̀ọ́” kan ti tó, bó bá di mẹ́ta, ó jọ ẹni tó jẹ gbèsè. Ohun tó jáde ni pé:

“Ẹ kú ọjà o, Ìyá. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Mò ń bọ̀ wá kí yín lọ́jọ́ ọjà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi oníṣu yín pé èló ni. Kí ni kí n mú bọ̀ fún yín?”

Kò pẹ́ tí ohùn Ìyá dé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín: “Iṣu wà nílẹ̀, ọmọ mi. Má ra nǹkan kan. Ẹja gbígbẹ ni kí o mú bọ̀.”

Inú mi dùn. Mo yíjú sí oníbàárà mìíràn. Nígbà tí mo fi padà wò, ọmọ náà ti dá wọn lóhùn: “ok”.