Irun Ìyàwó Ojú Ọ̀nà: Nígbà Tí Dáì Bá Ṣe Kàlákìnní

Àǹtí, ó ku ọ̀sẹ̀ kan. Ṣé mo lè gé irun mi kúrú?

Rárá. Irun tí o kò gé bẹ́ẹ̀ rí, oṣù méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú ni kí o ti gé e, kó lè rí àyè hù bí o bá kábàámọ̀. Ṣónṣó tó ti gbó nìkan ni kí wọ́n bá ọ rẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ṣáájú.

Ìgbà wo ni kí n fọ̀ ọ́?

Ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú, má sì fi òróró rin ín gbindin. Irun tí a fọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà ń yọ̀, píìnì kì í dì í mú.

Irun tí a fi dánra wò dára, àmọ́ nígbà tí wọ́n wé gèlè lé e, gèlè ń yọ̀ sẹ́yìn.

Ẹ dánra wò láìsí gèlè nìyẹn. Mo ti sọ ọ́ títí ó sú mi: gbé gèlè náà gan-an lọ. Aṣọ òkè nípọn, bí wọ́n bá kó irun jọ sí àtàrí, irun yóò máa ti gèlè sókè, iwájú rẹ̀ kò ní dúró. Kí wọ́n kó irun sí ìpàkọ́, nísàlẹ̀, kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ìdána àti ṣọ́ọ̀ṣì bá bọ́ sí ọjọ́ kan náà, irun ìpàkọ́ yìí ló lè sin méjèèjì.

Ṣe ìdánrawò náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ṣáájú, má sì tú u lójú ẹsẹ̀. Wé gèlè náà fún wákàtí mẹ́ta, kúnlẹ̀, dìde, tẹrí ba. Bí ẹ̀bátí bá ń ro ọ́, tàbí tí irorẹ́ kéékèèké yọ sí etí irun iwájú, wọ́n fún un jù.

Ṣé mo lè ṣe rílásà àti dáì lọ́jọ́ kan náà?

Má dán an wò. Rílásà ló ń ṣáájú, kí ó sì tó ọ̀sẹ̀ méjì kí dáì tó tẹ̀ lé e. Fi dáì díẹ̀ kan ẹ̀yìn etí, kí o dúró fún wákàtí 48, ì báà jẹ́ dáì tí o ti lò rí.

Mo fẹ́ búráùn. Ìdí irun mi pọ́n bí ọsàn, ṣónṣó rẹ̀ dúdú kirikiri. Wọ́n tún un kùn, bákan náà ni.

Mo ti bá èyí wọ̀yá ìjà. Àbúrò kan gbé irú orí yìí wá bá mi nígbà tí ìgbéyàwó rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ṣọ́ọ̀bù kan ti kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Mo bi í bóyá ó ti fi dáì dúdú sí i rí, ó ní rárá. Nígbà tí mo ń ya irun náà, mo rí ibi tí dúdú ti bẹ̀rẹ̀, ó là gbọọrọ bí ẹni fi rúlà fà á. Ìgbà yẹn ló rántí pé òun kun dúdú nígbà Kérésì.

Dáì kì í ṣí dáì. Èyí tí wọ́n pò mọ́ omi 20, ìyẹn omi tó ń ṣí àwọ̀ irun, àwọ̀ àbímọ́ ló lè ṣí díẹ̀. Irun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù kò ní dáì dúdú nínú, ooru orí sì ń mú kí iṣẹ́ yá níbẹ̀. Bí irun dúdú bá ṣí, pupa àti àwọ̀ ọsàn ló kọ́kọ́ máa ń yọ. Kíkùn ẹlẹ́ẹ̀kejì kàn tún ń pọ́n ìdí irun sí i ni.

Mo gé irun díẹ̀ ní ìpàkọ́ rẹ̀, mo fi òwú dì í, mo fi omi rin ín, mo sì fà á. Ó nà bí rọ́bà, ó já. Ìyẹn ti ilẹ̀kùn bulíìṣì pa: irun rílásà tó bá ń nà báyìí, bulíìṣì yóò pa á. Ohun tó kù ni kí a mú ìdí irun dúdú, kí ó bá ṣónṣó dọ́gba. Mo mú dáì búráùn tó ṣókùnkùn, tí kò ní pupa nínú, irú èyí tí kì í ṣí irun. Mo kọ́kọ́ fi sí irun tí mo gé, mo wò ó níta, nínú oòrùn, nítorí iná ṣọ́ọ̀bù ń tanni jẹ. Nígbà tó bára mu, mo kùn ún sí ìdí irun nìkan, n kò jẹ́ kó kan ṣónṣó. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà, a rẹ́ ṣónṣó tó ti gbó. Búráùn tó wù ú, àtàṣí la fi ṣe é, tí a rán mọ́ irun ìpàkọ́.

Bí tìrẹ náà bá ń nà tó sì ń já, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fi ohunkóhun tó ń ṣí àwọ̀ kàn án. Bí kò bá já, ẹni tó ti ń kun irun láti ọjọ́ pípẹ́ ni kó wò ó, kì í ṣe ọ̀rẹ́ tó ra páálí dáì lọ́jà.

Orí ń ta mí láti ìgbà tí mo kun dáì, ó ń ṣomi.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ onídìrí mọ́. Lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara, má sì fi rílásà, dáì tàbí gọ́ọ̀mù wíìgì kan ibẹ̀ títí yóò fi jiná. Bí ojú tàbí ètè bá ń wú, tàbí tí èémí kò já gaara, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀.