Bí mo ṣe yan ọ̀dà yàrá àbúrò mi láti inú fọ́tò

Fọ́tò tí àbúrò mi ọkùnrin kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ rẹwà, ṣùgbọ́n kò ṣeé lò. Ìrọ̀lẹ́ ló yà á, gílóòbù ń tàn lókè, kọ́tìnnì bo ìdajì fèrèsé, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú fóònù sí fèrèsé náà gan-an. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi mú ọ̀dà tó máa bá yàrá yìí mu. Àwọ̀ eérú ló wù mí o." Ibi tó ń gbé jìnnà sí mi, n kò wọ yàrá náà rí. Fọ́tò ni gbogbo ohun tí mo ní.

Mo bi í pé àwọ̀ wo ló wà lára ògiri báyìí. Ó ní funfun ni. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé fọ́tò náà ń purọ́, nítorí ògiri ọwọ́ òsì pọ́n bí ohun tí èéfín ti ń fẹ́ sí láti ọjọ́ pípẹ́, tí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé sì ń yọ búlúù. Ìmọ́lẹ̀ méjì ló ń jà níbẹ̀: ti gílóòbù pọ́n, ti ojú sánmà kò pọ́n. Ojú èèyàn a máa bá irú ìjà bẹ́ẹ̀ parí fúnra rẹ̀, ìdí nìyí tí àbúrò mi fi ń rí funfun. Ọ̀pọ̀ fóònù kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo ló máa ń méfò fún gbogbo àwòrán, tó bá sì ti méfò ti ọ̀kan, èkejì á dojú rú.

Mo ní kó tún un yà. Kó pa gílóòbù, kó fa kọ́tìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ pátápátá, kó fi ẹ̀yìn sí fèrèsé tàbí kó dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí fóònù má bàa wo ìmọ́lẹ̀ lójú kó sì sọ gbogbo yòókù di òkùnkùn. Kó lẹ bébà funfun méjì, irú èyí tí wọ́n ń fi tẹ̀wé, mọ́ ògiri: ọ̀kan nítòsí fèrèsé, ọ̀kan ní igun tó jìnnà sí i jù. Kó wá ya fọ́tò náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́jọ́ kan náà, ní aago 9 àárọ̀, aago 1 ọ̀sán àti aago 5 ìrọ̀lẹ́.

Ohun kan tún wà tó ṣe pàtàkì ju bébà lọ. Kámẹ́rà fóònù rẹ̀ ní ibi tí wọ́n kọ `Pro` sí. Mo ní kó wọ ibẹ̀, kó wá `WB`, ìyẹn ibi tí fóònù ti ń tún àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ṣe, kó gbé e sí `5500K`, tó sún mọ́ ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kó má sì fọwọ́ kàn án mọ́ títí fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á fi parí. Bí èèyàn bá fi í sílẹ̀ fún fóònù, yóò máa tún àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ṣe nígbà gbogbo, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ á wá jọra bí ìbejì. Bí ó bá dúró sójú kan, àwọ̀ tí bébà funfun bá gbé wọ̀ ni àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ yàrá ní wákàtí yẹn.

Nígbà tí fọ́tò dé, mo ṣí wọn lórí kọ̀ǹpútà, mo fi irinṣẹ́ tó ń ka àwọ̀ tẹ bébà ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Irinṣẹ́ náà máa ń fi nọ́ńbà mẹ́ta hàn, `R` fún pupa, `G` fún àwọ̀ ewé, `B` fún búlúù, láti 0 dé 255. Bébà funfun lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ tí kò ní àwọ̀ yẹ kó mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ohun tí mo rí rèé:

```
9:00   196 204 217
13:00  198 207 197
17:00  229 208 171
```

Láàárọ̀, búlúù ló ga jù. Nírọ̀lẹ́, pupa ga, búlúù já sílẹ̀ gan-an. Kí n tó bi í ni mo ti mọ̀ pé ìwọ̀-oòrùn ni fèrèsé náà kọjú sí: láàárọ̀, oòrùn wà lẹ́yìn ilé, ojú sánmà nìkan ló ń ràn wọlé, nírọ̀lẹ́, oòrùn fúnra rẹ̀ ń wọlé, ó sì ti pọ́n. Ní ti ọ̀sán, mo rí i pé àwọ̀ ewé fi díẹ̀ ga, mo ní bóyá àléébù kámẹ́rà ni, mo sì kọjá lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí mo máa padà síbẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú.

Bébà inú igun náà ní tirẹ̀ láti sọ. Ní ọ̀sán, nígbà tí ti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé wà ní nǹkan bí 200, ti inú igun kò ju 100 lọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ ìdajì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú nọ́ńbà wọ̀nyí sínú àwòrán máa ń fún ibi tó ṣókùnkùn ní àyè púpọ̀, nítorí náà ìdajì nọ́ńbà sún mọ́ ìdá kan nínú márùn-ún ìmọ́lẹ̀. Igun yẹn ṣókùnkùn ju bó ṣe hàn lójú fọ́tò lọ.

Ó wá ku ohun ọ̀ṣọ́ ilé. Fún èyí, mo ṣe òdìkejì ohun tí mo ṣe ṣáájú: mo mú fọ́tò ọ̀sán, mo fi bébà tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe títí nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bébà fi dọ́gba, kí n lè rí pákó bó ṣe rí gan-an láìsí ọwọ́ ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀. Wọ́dúróòbù tó gba ògiri kan tán, àti orí ibùsùn tí wọ́n fi pákó kan náà kàn, fi 142, 84, 58 hàn. Pupa pátápátá. Kọ́tìnnì jẹ́ àwọ̀ aró tó ki, táìlì funfun tó ń yọ pupa rúsúrúsú díẹ̀. Kọ́tìnnì ṣeé pààrọ̀. Wọ́dúróòbù kò ní kúrò níbẹ̀, òun ni a máa fi ọ̀dà wá ọkọ fún.

Yorùbá àtijọ́ kó gbogbo àwọ̀ sábẹ́ orúkọ mẹ́ta: funfun, pupa, dúdú. Àwọn kan ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n nídìí ọ̀dà, ó mọ́gbọ́n dání. Yẹ́lò, àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ pákó, ọ̀dọ̀ pupa ni wọ́n ń gbé. Aró, búlúù, ọ̀pọ̀lọpọ̀ eérú, ọ̀dọ̀ dúdú ni. Nígbà tí mo bá mú káàdì àwọ̀ dání, ìbéèrè àkọ́kọ́ mi ni pé ta ni bàbá èyí. Eérú tí àbúrò mi fẹ́, ọmọ dúdú ni, búlúù fara pamọ́ sínú rẹ̀. Bí ẹ bá gbé irú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó pupa, pákó á tún pọ́n sí i, eérú náà á sì fi búlúù rẹ̀ hàn gbangba. Ẹ wá fi ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ tó ń yọ búlúù kún un.

Mo sọ fún un. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣáà bá mi dán an wò." Kò burú. Mo mú mẹ́ta: eérú tirẹ̀, àwọ̀ iyanrìn tí àwọ̀ ewé díẹ̀ wà nínú rẹ̀, àti funfun tó ń yọ yẹ́lò. Èkejì ni ọkàn mi wà, nítorí pákó pupa tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ máa ń da pupa rẹ̀ sára ògiri tó kọjú sí i, àwọ̀ ewé díẹ̀ ló sì máa ń pa pupa yẹn kí ògiri má bàa dà bíi pé ó ń tijú. Lẹ́yìn káàdì, wọ́n kọ `LRV`, ìyẹn ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí àwọ̀ náà ń dá padà láti 0 dé 100. Nítorí igun òkùnkùn yẹn, n kò wo ohunkóhun tó bá wà nísàlẹ̀ 60.

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé àwọ̀ iyanrìn tí mo kọ́kọ́ yàn, alẹ́ ni mo yàn án, lójú kọ̀ǹpútà tí `Night Light` wà lórí rẹ̀. Ìyẹn máa ń pọ́n gbogbo ohun tó bá wà lójú rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí mo tún wò ó, iyanrìn mi ti di omi ìkòkò tó dúró pẹ́. Mo pa á, mo tún bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, n kì í fi ojú kọ̀ǹpútà ṣe ju kí n fi lé àwọn tí kò yẹ dànù lọ.

Ó ra agolo kékeré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó kùn wọ́n sórí páálí, ẹ̀ẹ̀mejì-mejì, ó jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ gbẹ kó tó kun èkejì. Páálí kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó 30 sẹ̀ǹtímítà, ó gùn tó 40, mo sì ní kó fi etí funfun sílẹ̀ yíká kí àwọ̀ ògiri àtijọ́ má bàa ta bá a. Páálí dára ju kíkun ògiri lọ nítorí ó ṣeé gbé kiri. Ó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọ́dúróòbù, sínú igun, sára ògiri tó dojú kọ fèrèsé, ó sì ń ya wọ́n pẹ̀lú bébà funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Eérú kò pẹ́ lọ. Láàárọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó, búlúù ni, àbúrò mi fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ pariwo. Funfun tó ń yọ yẹ́lò gbádùn mọ́ni títí oòrùn fi wọlé ní aago 5, ó sì di yẹ́lò gidi. Iyanrìn dára láàárọ̀, ó dára nírọ̀lẹ́, ó dára lábẹ́ gílóòbù. Ṣùgbọ́n ní aago 1, páálí tó wà lára ògiri tó dojú kọ fèrèsé tutù yọ̀yọ̀ bí ewé.

Mo ní, "Kí ló wà níta fèrèsé yẹn?"

Ó ní, "Igi ńlá kan ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀ẹ̀ bi mí."

Lóòótọ́ ni, n kò bi í. Nínú gbogbo fọ́tò, fèrèsé ti jóná di funfun, kò sí ohun kan tó hàn níta. Ṣùgbọ́n bébà ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: 198, 207, 197. Ewé ló ń sẹ́ ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán kó tó wọlé. Yàrá náà ti ní àwọ̀ ewé tirẹ̀ tó ń pa pupa wọ́dúróòbù, kò nílò pé kí n fi kún un nínú agolo.

Mo yí padà sí iyanrìn tí kò ní ewé rárá, tó fì sí yẹ́lò díẹ̀ nìkan, mo sì mú èyí tó fi ìpele kan mọ́lẹ̀ ju bí a ṣe fẹ́ lórí páálí, nítorí ògiri mẹ́rin máa ń dá àwọ̀ padà sára ara wọn, ohun tó rí jẹ́jẹ́ lórí páálí á ki nínú yàrá. `LRV` rẹ̀ jẹ́ 68. Ó tún kun páálí kan, a tún wò ó lọ́jọ́ kan gbáko. Ọ̀dà tí kò dán ni mo ní kó rà, nítorí oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ń fẹ̀gbẹ́ gba ara ògiri, gbogbo ibi tí kò tẹ́ dáadáa ni dídán á fi hàn.

Fọ́tò tó fi ránṣẹ́ lẹ́yìn tó kùn ún tán, ẹnu ọ̀nà ló tún ti yà á, gílóòbù ń tàn, ó kọjú fóònù sí fèrèsé.