Bí 1920 × 1080 bá pòórá lẹ́yìn ọ̀pdéètì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onísọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà Ìlọrin. Bí ẹ bá ṣe ọ̀pdéètì díráfà gíráfíìsì lórí Wíńdò, tí gbogbo nǹkan wá tóbi gbàǹgbà, tí 1920 × 1080 tó jẹ́ ti mónítọ̀ yín sì pòórá nínú Display resolution, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra mónítọ̀ tuntun. Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ Start, ẹ ṣí Device Manager, kí ẹ wo abẹ́ Display adapters. Bó bá jẹ́ Microsoft Basic Display Adapter lẹ rí, díráfà yẹn kò wọlé dáadáa nìyẹn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ lọ sí Driver, ẹ tẹ Roll Back Driver, kí ẹ wá tún kọ̀ǹpútà tàn. Bí bọ́tìnì yẹn kò bá ṣeé tẹ̀, ẹ gba díráfà láti ojúlé ilé-iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà náà.